Abẹ́rẹ́ tí a kò fún un: ìṣẹ̀lẹ̀ ọ̀dọ́kùnrin tó ní ọ̀nà ẹ̀bùrú nínú ọkàn

Ọ̀dọ́kùnrin ọmọ ọdún 26 kan ni wọ́n gbé wá sí yàrá pàjáwìrì wa lálẹ́ ọjọ́ kan. Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń ṣe. Ẹnu iṣẹ́ náà ló wà tí ọkàn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójijì, òòyì kọ́ ọ, ó rọra yà sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó sì dákú sórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti lajú, ó ń dáhùn ìbéèrè, ṣùgbọ́n òógùn ti bò ó, ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó sì ń mí gúlegúle. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 84 lórí 50. Nọ́ọ̀sì fi ìka wá ìlù ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun kò lè kà á, pé ó yára jù, kò sì dúró lójú kan. Mo ti yí àwọn ohun tó lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá a mọ̀ padà nínú àkọsílẹ̀ yìí. Ohun tó kan ìṣègùn nìkan ni mo fi sílẹ̀ bó ṣe rí.

A so ẹ̀rọ tó ń ya iná ọkàn sórí ìwé, èyí tí gbogbo wa ń pè ní í-sí-jì, mọ́ ọn lára lójú ẹsẹ̀. Ọkàn náà ń lù ní nǹkan bí ìgbà 220 ní ìṣẹ́jú kan. Àlàfo tó wà láàárín ìlù kan àti èyí tó tẹ̀ lé e kò dọ́gba rárá: méjì á sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, ẹ̀kẹta á jìnnà. Àwọn ìlù náà tún gbòòrò, wọn kò sì jọ ara wọn. Òmíràn fẹ̀ gan-an, èyí tó tẹ̀ lé e kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan sì ni ọ̀kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń yọ láàárín wọn.

Dókítà tó kọ́kọ́ rí i ti ní kí wọ́n fa fẹ́rápámílì sínú abẹ́rẹ́. Èrò rẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Fẹ́rápámílì jẹ́ oògùn tó ń fa ọkàn tó ń sáré sẹ́yìn, ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, a sì ti fi wo ọ̀pọ̀ ènìyàn sàn. Sístà ti fọ́ ìgò rẹ̀. Mo ní, “Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un dání ná,” mo sì yíjú sí ìyá rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo bi í bóyá wọ́n ti ṣe irú àyẹ̀wò yìí fún ọmọ náà rí.

Ìyá náà tú ọ̀rá kan nínú àpò rẹ̀. Ó ní, “Dókítà, gbogbo ìwé rẹ̀ ló wà níbí. Ẹ wò ó, àti oògùn tó ń lò.” Ìwé í-sí-jì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n yà fún un ní oṣù méjì sẹ́yìn ní ilé ìwòsàn kékeré kan, nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀. Páálí oògùn kan náà wà níbẹ̀: dígọ́sìn, ọ̀kan lójúmọ́.

Ìwé àtijọ́ yẹn ló tú àṣírí. Lórí ìwé í-sí-jì, ìgbì kékeré kan ló máa ń kọ́kọ́ yọ, tí à ń pè ní P. Ìyẹn ni iná tó ń gba inú yàrá òkè méjèèjì ọkàn kọjá. Lẹ́yìn náà, ìlà á dúró lórí ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí òkè ṣóńṣó tí à ń pè ní QRS tó yọ, èyí tó jẹ́ iná nínú yàrá ìsàlẹ̀ méjèèjì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ P dé ìbẹ̀rẹ̀ QRS, ó máa ń tó ìdá 0.12 sí 0.20 ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn àpótí kékeré mẹ́ta sí márùn-ún lórí ìwé náà. Lórí ìwé ọmọ yìí, méjì péré ni, 0.08. P kò tíì balẹ̀ dáadáa tí QRS fi bẹ̀rẹ̀. QRS náà kò sì yọ gbọnrangandan bó ṣe yẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fà nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó yọ́ gòkè bí ẹni ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kó tó wá dá ṣóńṣó. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ni ìgbì dẹ́tà. Nítorí rẹ̀, QRS fẹ̀ tó 0.14 dípò 0.08 tàbí 0.10.

Ní àwọn ojú ìlà tó ń wo ìsàlẹ̀ ọkàn, ìyẹn II, III àti aVF, ìgbì dẹ́tà náà dorí kodò. Ó wá jọ àpá tí ìkọlù ọkàn máa ń fi sílẹ̀. Ẹni tó ka ìwé náà ti kọ ọ́ sí i pé ó ṣeé ṣe kí ọkàn yìí ti ní ìkọlù rí. Fún ọmọ ọdún 26 tí kò ní àtọ̀gbẹ, tí kì í mu sìgá, ó yẹ kí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ mú ni wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kejì, kí a sì wọn àlàfo tó wà láàárín P àti QRS. Ibi tí à ń gbójú fò jù lọ nìyẹn, nítorí pé ojú wa máa ń sáré lọ sí ibi tó tóbi jù lórí ìwé.

Kí ló ń fà á? Láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn, iṣan funfun kan wà tí iná kò lè gbà kọjá. Ojú kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wò ó bí ibodè Ìdírókò: gbogbo ọkọ̀ tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀, kí aṣọ́bodè yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó kọjá. Bí ọkọ̀ bá ti pọ̀ tó ni ìdádúró náà ń pọ̀ sí i. Dáadáa ni ìdádúró yẹn jẹ́ fún ọkàn. Òun ló ń fún yàrá òkè láyè láti tú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀ tán, òun náà ló sì ń dáàbò bo yàrá ìsàlẹ̀ nígbà tí yàrá òkè bá ń ya wèrè. Ṣùgbọ́n wọ́n bí àwọn ènìyàn kan, nǹkan bí ọ̀kan sí mẹ́ta nínú 1,000, pẹ̀lú okùn ẹran ara tín-ín-rín kan tó gba inú iṣan funfun yẹn kọjá níbòmíràn. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ni. Kò sí aṣọ́bodè níbẹ̀, kò sì sí ìdádúró.

Nígbà tí ara bá balẹ̀, iná máa ń gba ọ̀nà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó gba ẹ̀bùrú á kọ́kọ́ dé yàrá ìsàlẹ̀, nítorí pé ohunkóhun kò dá a dúró. Ìdí nìyẹn tí àlàfo P sí QRS fi kúrú. Ṣùgbọ́n inú ẹran ọkàn lásán ló já sí, kò já sínú àwọn okùn tó ń gbé iná yára, nítorí náà ó ń fà díẹ̀díẹ̀ láti ẹran dé ẹran. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a rí lórí ìwé nìyẹn. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni iná tó gba ibodè á dé pẹ̀lú eré, á sì parí ìyókù iṣẹ́ náà. QRS kan ṣoṣo tí a rí jẹ́ àpapọ̀ àwọn méjèèjì.

Ní 1930 ni Louis Wolff, John Parkinson àti Paul Dudley White kọ nípa ènìyàn 11, ọ̀dọ́ tí ara wọn le, tí í-sí-jì wọn rí báyìí, tí ọkàn wọn sì máa ń sáré lójijì. Orúkọ àwọn mẹ́ta yìí ni wọ́n fi ń pe àìsàn náà dòní, WPW ni wọ́n sì máa ń kọ sínú ìwé aláìsàn.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ náà. Láti ìgbà tó ti wà nílé ẹ̀kọ́ girama ni ọkàn rẹ̀ ti máa ń sáré lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní ṣe ló máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí á sì dúró lẹ́ẹ̀kan náà, àti pé bí òun bá lóṣòó tí òun sì tiiri bí ẹni fẹ́ yàgbẹ́, ó máa ń lọ. Àpèjúwe yìí ṣe pàtàkì. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, iná gba ibodè sọ̀kalẹ̀, ó gba ẹ̀bùrú gòkè padà, ó sì ń yí po. Bí ọkàn ṣe ń lù nígbà náà máa ń yára ṣùgbọ́n ó dọ́gba, QRS rẹ̀ sì máa ń tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí pé ibodè ni iná gbà wá sísàlẹ̀. Ìgbì dẹ́tà kì í hàn rárá. Bí a bá dí ibodè fún ìgbà díẹ̀, yálà pẹ̀lú títiiri tàbí pẹ̀lú abẹ́rẹ́ adẹ́nósìn tàbí fẹ́rápámílì, òbìrìkìtì náà á já, eré á dúró. Oògùn tí mo ní kí Sístà mú dání yẹn ì bá ti wúlò fún un ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí èyí ti ṣe é sẹ́yìn.

Ti alẹ́ ọjọ́ náà yàtọ̀. Yàrá òkè ọkàn rẹ̀ ló ń gbọ̀n. Nígbà tí yàrá òkè bá ń gbọ̀n, iná bíi 350 sí 600 ló ń jáde níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, láìsí ètò. Fún ẹni tí kò ní ọ̀nà ẹ̀bùrú, ibodè á dá èyí tó pọ̀ jù nínú wọn padà, yàrá ìsàlẹ̀ á sì máa lù ní 120 tàbí 160. Ó ń ni ènìyàn lára, ṣùgbọ́n kì í sábà pa á lójú ẹsẹ̀. Fún ọmọ yìí, ẹ̀bùrú ń gbé iná kọjá bó ṣe ń dé. Ìdí nìyẹn tí ìlù náà kò fi dọ́gba, tí ó yára tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì gbòòrò. Fífẹ̀ wọn ń yàtọ̀ nítorí pé nígbà míràn ẹ̀bùrú nìkan ló gbé e, nígbà míràn ibodè bá a pín in.

Àmì mẹ́ta yìí ni mo máa ń fẹ́ kí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa wá papọ̀: ó yára, kò dọ́gba, ó gbòòrò tí fífẹ̀ rẹ̀ sì ń yí padà. Eré tó ń ti yàrá ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀ wá náà máa ń gbòòrò, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń dọ́gba. Ẹni tí yàrá òkè rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ọ̀kan nínú àwọn okùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti bàjẹ́, ìlù tirẹ̀ náà á gbòòrò láìdọ́gba, ṣùgbọ́n gbogbo wọn á jọra, ó sì ṣọ̀wọ́n kó kọjá 200. Mo tún wọn ibi tí ìlù méjì ti sún mọ́ra jù lọ lórí ìwé náà. Àpótí ńlá kan péré ni, 0.20 ìṣẹ́jú àáyá. Bí ibi tó kúrú jù bá jẹ́ 0.25 tàbí kó dín sí i, ẹ̀bùrú náà jẹ́ irú èyí tó lè ti yàrá ìsàlẹ̀ sínú ìgbọ̀n. Bí yàrá ìsàlẹ̀ bá sì ti ń gbọ̀n, ọkàn kò tú ẹ̀jẹ̀ jáde mọ́. Ikú òjijì nìyẹn.

Kí wá ni fẹ́rápámílì ì bá ṣe fún un? Ó máa ń dí ibodè, kò sì ní agbára lórí ẹ̀bùrú. Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀bùrú ti ń gbé iná tẹ́lẹ̀, kí ni dídí ibodè fẹ́ fi kún un? Ohun méjì ni. Àkọ́kọ́, iná tó gba ibodè wọ ìsàlẹ̀ máa ń ta padà sínú ẹ̀bùrú láti ìsàlẹ̀, á sì tì í sínú ìsinmi, débi pé iná tó ń bọ̀ láti òkè kò ní rí i gbà. Ibodè ń bá wa dènà ẹ̀bùrú lọ́nà tí a kò rí. Bí a bá ti ibodè pa, ẹ̀bùrú á ní àyè pátápátá. Èkejì, fẹ́rápámílì máa ń tú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ìfúnpá á sì wálẹ̀. Ti ọmọ yìí jẹ́ 84 tẹ́lẹ̀. Ara á bẹ̀rẹ̀ sí í tú adìrẹ́náláìnì jáde láti gbé ìfúnpá náà dìde, adìrẹ́náláìnì yẹn á sì mú kí ìsinmi ẹ̀bùrú túbọ̀ kúrú. Ọkàn tó ń lù ní 220 lè di 300 láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó sì bọ́ sínú ìgbọ̀n.

Ti dígọ́sìn tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé yàtọ̀ sí pé ó ń dí ibodè, ó lè gé ìsinmi ẹ̀bùrú fúnra rẹ̀ kúrú. Oògùn yẹn ni ọmọ náà ti ń gbé mì lójoojúmọ́ fún oṣù méjì. Ọkàn tó ń sáré ni wọ́n gbọ́, oògùn tó ń fa ọkàn sẹ́yìn ni wọ́n fún un. Èmi kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun ló fa ti alẹ́ náà, nítorí pé yàrá òkè àwọn tó ní WPW lè gbọ̀n láìsí oògùn kankan. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. Diltiásẹ́mù àti àwọn oògùn ìfúnpá bíi pròpíránólọ́lù wà nínú ẹgbẹ́ kan náà bí yàrá òkè bá ń gbọ̀n. Adẹ́nósìn pẹ̀lú wà níbẹ̀. Èyí tó ń ya àwọn dókítà lẹ́nu jù ni amiódárónì láti ojú iṣan. Ọ̀pọ̀ rò pé kò séwu nínú rẹ̀ fún ìlù ọkàn èyíkéyìí, ṣùgbọ́n bí a bá fi abẹ́rẹ́ gbé e wọlé, ibodè ló kọ́kọ́ ń mú, ó sì ń já ìfúnpá wálẹ̀.

Iná ló kù. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ti já wálẹ̀, tó ti dákú lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe ẹni tí à ń dúró de oògùn fún. Ká ní ara rẹ̀ ṣì le ni, pròkénámáìdì ni à bá fún un, 20 sí 50 mílígírámù ní ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú ojú lára ìfúnpá àti fífẹ̀ QRS, nítorí pé òun máa ń mú ẹ̀bùrú gan-an rọra. A kò ní in nílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ṣàlàyé fún ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ pé a máa fún un ní oògùn tí yóò mú un sùn, pé a máa fi iná kan ṣoṣo tún ìlù ọkàn rẹ̀ tò. Ìyá béèrè bóyá iná náà kò ní pa á. Mo sọ fún wọn pé bí ọkàn náà ṣe ń lù yìí gan-an ló lè pa á.

A fún un ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, a fún un ní oògùn oorun díẹ̀, a tẹ SYNC kí ẹ̀rọ náà lè ta iná sórí QRS gan-an, kó má bàa bọ́ sí ibi tí ọkàn ti ń sinmi, nítorí pé iná tó bọ́ síbẹ̀ lè fa ìgbọ̀n tí à ń sá fún. Níbi tí ìlù bá ti ń yí padà báyìí, ó yẹ kí a rí i lójú ẹ̀rọ pé àmì náà ń bọ́ sórí ìlù kọ̀ọ̀kan kí a tó ta á. A ta 200 júùlù. Ìlà náà dúró fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà P yọ, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yọ, QRS tẹ̀ lé e. Ọkàn ń lù ní 92. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìfúnpá rẹ̀ ti gòkè sí 112 lórí 70. A ya í-sí-jì tuntun, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, wọn jọra pátápátá.

Lọ́jọ́ kejì a dá dígọ́sìn dúró. A fi ẹ̀rọ ìró wo ọkàn náà, a rí i pé kò ní àbùkù mìíràn, nítorí pé àwọn kan tó ní WPW máa ń ní àbùkù lára fáàfù ọ̀tún pẹ̀lú. Ìyẹn ló jẹ́ kí a lè fún un ní filẹkenáìdì, oògùn mìíràn tó ń mú ẹ̀bùrú rọra, 100 mílígírámù lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láti fi dúró de ìtọ́jú gan-an. Ọkàn tó bá ti ní àpá ìkọlù kò gbọ́dọ̀ gbé oògùn yẹn mì, nítorí náà gbólóhùn tí wọ́n ti kọ sórí ìwé àtijọ́ yẹn ì bá ti dínà mọ́ ọn láìnídìí. Mo ní kó má wa kẹ̀kẹ́ títí tí a ó fi parí. Ìyẹn ló dùn ún jù. Òun ló ń bọ́ ilé, àmọ́ ènìyàn mẹ́ta lè wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó bá tún dákú.

Ìyá rẹ̀ béèrè bóyá àwọn àbúrò rẹ̀ náà ní in. Ọ̀pọ̀ jù lọ kì í jẹ́ àjogúnbá. Nítorí pé í-sí-jì kò nira, a yà á fún àwọn méjèèjì, kò sí ohunkóhun níbẹ̀.

Íńdíà ni ẹbí náà gbé e lọ fún ìtọ́jú, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí wọ́n fi kó owó jọ. Wọ́n gba iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ itan rẹ̀ gbé àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú ọkàn, wọ́n wá ibi tí iná ti ń kọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀. Wọ́n rí ẹ̀bùrú náà lẹ́yìn, nítòsí ògiri àárín, bí ìgbì dẹ́tà tó dorí kodò ti fi hàn. Wọ́n mú orí wáyà gbóná níbẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ìgbì dẹ́tà sì parẹ́. Wọ́n dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n wá fún un ní adẹ́nósìn lórí ibùsùn náà, pẹ̀lú ẹ̀rọ iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibodè dí, P ń yọ láìsí QRS lẹ́yìn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìyẹn fi hàn pé kò sí ọ̀nà mìíràn mọ́.

Nígbà tó padà dé, àlàfo P sí QRS jẹ́ 0.16, QRS jẹ́ 0.08. Ìgbì T, èyí tó máa ń tẹ̀ lé QRS nígbà tí yàrá ìsàlẹ̀ bá ń padà sípò, ṣì dorí kodò ní II, III àti aVF. Ọkàn tó ti ń gba iná lọ́nà òdì fún ọdún 26 máa ń pẹ́ kí ìgbì T rẹ̀ tó bọ̀ sípò, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo kọ èyí sórí ìwé, mo fi í-sí-jì ọjọ́ náà mọ́ ọn, mo ní kó ya àwòrán méjèèjì sínú fóònù rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá tún wò ó ní àkókò yẹn má bàa sọ pé ó ti ní ìkọlù ọkàn. Ẹ̀bùrú lè jí padà lára àwọn díẹ̀, pàápàá ní oṣù àkọ́kọ́. Nítorí náà a ya òmíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò sí níbẹ̀, T ti dìde, mo sì fọwọ́ sí ìwé pé kó padà sẹ́nu iṣẹ́.